Àṣíborí Búlúù ní Sàró: Ta Ló Rán Wọn, Ta Ló Kó Wọn Jọ, Ìgbà Wo Ni Wọ́n Lè Yìnbọn?

Ní ìparí ọdún 1999, Kofi Annan tó jẹ́ Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà rán ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde kan lọ sí Freetown, olú-ìlú Sàró. Olúyẹmí Adéníji ni orúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà nílẹ̀ òkèèrè, ó sì máa di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 2003. Kì í ṣe sójà. Síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ṣe olórí UNAMSIL, ikọ̀ olùṣọ́ àlàáfíà tí Àjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Sàró. Ọ̀gágun tó ń darí àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò ju bí oṣù márùn-ún lọ lẹ́yìn náà tí àwọn ọlọ́tẹ̀ RUF fi mú nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nínú àwọn ọmọ ogun yìí nígbèkùn. Sójà tó gbé ìbọn dání, tó dé àṣíborí búlúù, tó ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ gbogbo ayé lápò, òun làwọn ọmọdékùnrin tó wọ sálúbàtà ń dà lọ bí ẹran. Àwọn tó gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè: kí wá ni ìbọn ọwọ́ wọn wà fún?

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ojo. Ó pin sí mẹ́ta: ìwé tó rán wọn níṣẹ́, bí wọ́n ṣe kó wọn jọ, àti òfin tó sọ ìgbà tí wọ́n lè yìnbọn. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára wọn mu, irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sàró ni í ṣẹlẹ̀.

Ìwé ló ń rán wọn níṣẹ́

Kò sí olùṣọ́ àlàáfíà kan tó lè dédé wọ ìlú onílùú. Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò tó ń jókòó ní New York ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Mẹ́sàn-án ó kéré tán gbọ́dọ̀ gbà, kò sì gbọ́dọ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tí kì í kúrò níbẹ̀, ìyẹn Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó máa sọ pé òun kò gbà. Kí wọ́n tó dìbò, Akọ̀wé Àgbà á ti rán àwọn ènìyàn lọ wo ìlú náà, á sì ti kọ ìròyìn wá pé báyìí ni ogun ṣe rí, iye sójà tí òun rò pé ó tó nìyí. Ohun tí ìgbìmọ̀ bá wá fẹnu kò lé lórí ni wọ́n ń pè ní ìpinnu, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà. Inú ìpinnu yìí ni àṣẹ iṣẹ́ wà: ohun tí ikọ̀ náà lè ṣe, iye ènìyàn tó lè ní, àti ọjọ́ tí àṣẹ náà máa tán. Oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan ló sábà máa ń jẹ́. Bí wọn kò bá tún un ṣe, ikọ̀ á palẹ̀ mọ́.

Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé kò sí iṣẹ́ yìí rárá nínú Ìwé Òfin tí wọ́n fi dá Àjọ náà sílẹ̀ ní 1945. Orí Kẹfà ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa ìlàjà: kí ìgbìmọ̀ bá àwọn tó ń jà sọ̀rọ̀, kí ó wá onílàjà sáàárín wọn. Orí Keje gba ìgbìmọ̀ láàyè láti lo agbára nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kọjá ìlàjà. Sójà tó kàn dúró láàárín ọ̀tá méjì láìbá ẹnikẹ́ni jà kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọ̀ràn odò Suez ní 1956 ló mú kí Dag Hammarskjöld, Akọ̀wé Àgbà ìgbà náà, àti Lester Pearson ará Kánádà gbé irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ wéré. Láti ìgbà náà ni òpó mẹ́ta ti dúró: kí àwọn tó ń jà gbà kí wọ́n wá, kí wọ́n má ṣègbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má sì lo agbára àfi láti gba ara wọn là tàbí láti gbèjà iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn.

Ní Sàró, ìgbà tí òpó kìíní dúró ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù keje 1999, ìjọba Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah àti Foday Sankoh tó jẹ́ olórí RUF fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Lomé, olú-ìlú Tógò. Sankoh gba ipò tó bá ti igbákejì ààrẹ dọ́gba, wọ́n sì tún fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ohun àlùmọ́ọ́nì, dáyámọ́ńdì inú ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ìbọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá ọdún náà, ìgbìmọ̀ gbé Ìpinnu 1270 jáde. Ó dá UNAMSIL sílẹ̀ pẹ̀lú àyè fún 6,000 ológun, 260 nínú wọn sì jẹ́ alákìíyèsí tí kì í gbé ìbọn. Iṣẹ́ wọn ni láti ran ìjọba lọ́wọ́ nígbà tó bá ń gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn jagunjagun, láti máa wò bóyá wọ́n ń pa àdéhùn mọ́, àti láti jẹ́ kí oúnjẹ àti oògùn rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ aráàlú.

Ìpínrọ̀ kẹrìnlá ìpinnu yẹn ni kí òǹkàwé fara balẹ̀ kà. Ó lo Orí Keje. Ó ní UNAMSIL lè ṣe ohun tó bá yẹ láti dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè rìn káàkiri, kí wọ́n sì dáàbò bo aráàlú tí ewu ìwà ipá bá dé bá. Kò tíì sí ikọ̀ kan ṣáájú rẹ̀ tí ìgbìmọ̀ kọ ààbò aráàlú sínú àṣẹ rẹ̀ ní gbangba báyìí. Ìpakúpa Rùwáńdà ní 1994 wà lọ́kàn wọn: ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní Kigali ni ìgbìmọ̀ dín ikọ̀ tó wà níbẹ̀ kù sí 270 ènìyàn.

Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọgbà mẹ́ta yí ọ̀rọ̀ náà ká. Àkọ́kọ́, ibi tí agbára wọn bá dé ni. Èkejì, ibi tí wọ́n bá wà ni. Bí wọ́n bá ń pa ènìyàn ní abúlé tí ikọ̀ kò sí, ìpinnu kò dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n rántí pé ìjọba Sàró àti ECOMOG, ikọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ti wà níbẹ̀, ló ni ẹrù ààbò náà ṣáájú wọn. Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n fún ikọ̀ kan ní àṣẹ Orí Keje, tó wá rò pé wọ́n ti gbà wọ́n láàyè láti gbógun ti ẹnikẹ́ni tó bá wù wọ́n, ó ti ṣì í gbọ́. Ìpínrọ̀ kan péré nínú ìpinnu náà ni Orí Keje bá wí, ọgbà mẹ́ta sì yí òun náà ká.

Àjọ tí kò ní sójà tirẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní àwọn sójà kan tó ń gbé níbì kan, tí wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa pè wọ́n. Kò ní ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kan tí olè ń dà láàmú. Ẹgbẹ́ fẹnu kò pé kí ọdẹ mẹ́wàá máa ṣọ́ òru, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò ní ọdẹ. Onílé kan ní òun á yá wọn ní ọmọ òun méjì, òmíràn ní òun á yá wọn ní mẹ́ta. Àwọn onílé tó lówó jù, tí kò fẹ́ kí ọmọ wọn jáde lóru, ń dá owó. Olórí ọdẹ tí wọ́n yàn lè sọ fún ọmọ kan pé kó lọ dúró ní ìkángun òpópónà tó ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ náà ti pè é sí kọ̀rọ̀ kó tó jáde nílé pé, “O ò gbọ́dọ̀ dé ìkángun yẹn o.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Lẹ́yìn ìpinnu, àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ náà ní New York á máa tọ orílẹ̀-èdè kiri pé ta ló lè fún wọn ní bàtálíọ̀nù kan, nǹkan bí ẹgbẹ̀rin sójà, ta ló ní ọkọ̀ òfurufú, ta ló ní dókítà. Orílẹ̀-èdè tó bá dáhùn á bá Àjọ kọ àdéhùn tó ka gbogbo ohun tó ń kó bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìbọn, ọkọ̀ ogun, àgọ́, ẹ̀rọ amúnáwá, títí kan ibi ìdáná. Àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ máa ń lọ yẹ ẹrù náà wò. Ọkọ̀ tó bá wà nínú ìwé ṣùgbọ́n tí kò lè rìn, Àjọ kì í san owó rẹ̀.

Nípa owó, àsọdùn púpọ̀ ló wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ìjọba tó ni sójà ni Àjọ ń san owó fún, orí iye sójà ni wọ́n sì ń kà á. Ní 2018, wọ́n gbé e sí 1,428 dọ́là fún sójà kan lóṣù. Ìjọba náà ló máa wá san owó oṣù sójà rẹ̀ bó ṣe ń san án nílé. Gbogbo orílẹ̀-èdè inú Àjọ ló ń dá owó náà, Àpéjọ Gbogboogbò ló ń pín in, àwọn márùn-ún tí kì í kúrò nínú Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò sì ń san ju bó ṣe yẹ kí ọrọ̀ wọn san lọ. Wọ́n kì í sì í tètè san án. Orílẹ̀-èdè tó rán sójà lè dúró fún oṣù púpọ̀ kó tó rí gbèsè rẹ̀ gbà.

Ìdí nìyí tí ètò àwọn ikọ̀ kì í fi jọ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ṣoṣo. Ní orí ni aṣojú Akọ̀wé Àgbà wà, aráàlú bíi Adéníji. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gágun tó ń darí àwọn ológun, kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, àti àwọn tó ń bójú tó owó, oúnjẹ àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ UNAMSIL, Mejọ Jẹ́nẹ́rà Vijay Kumar Jetley láti Íńdíà ni ọ̀gágun náà. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá láti Íńdíà, Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gánà, Gínì, Jọ́dánì, Sáḿbíà àti Bangladéṣì. Ó lè sọ fún bàtálíọ̀nù kan pé kó kúrò níbí lọ sí ibòmíràn. Kò lè lé sójà kan kúrò nínú iṣẹ́ ológun, kò lè dá a lẹ́jọ́, kò lè fi í sẹ́wọ̀n. Ìjọba ilé ló ní agbára yẹn. Bí sójà kan bá hùwà ọ̀daràn sí aráàlú tó wá dáàbò bò, ilé ẹjọ́ ìlú tirẹ̀ ló máa gbọ́ ẹjọ́ náà, tí ìlú bá fẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í gbọ́ ọ, èyí sì wà lára ohun tó burú jù nínú ètò yìí.

Bàbá ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Ọ̀gágun bàtálíọ̀nù kan lè gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Jetley, kó kọ́kọ́ gbé fóònù sí olú-ìlú rẹ̀ láti béèrè bóyá kí òun gbọ́ ọ.

ECOMOG kò rí bẹ́ẹ̀

Ní Ìjẹ̀bú bíi ti gbogbo Nàìjíríà, bí ènìyàn bá ní sójà kan lọ ṣọ́ àlàáfíà, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn ni ECOMOG. ECOMOG àti ikọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàtọ̀ síra. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ECOWAS, ló dá ECOMOG sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1990 nítorí ogun Làìbéríà, lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà ni wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Monrovia. Kò sí ìpinnu Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò tó rán wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni New York fọwọ́ sí i. Charles Taylor tó di apá tó pọ̀ jù nínú ìlú mú kò gbà kí wọ́n wá. Ìbọn ló fi pàdé wọn, ìbọn ni wọ́n sì fi dá a lóhùn. Nàìjíríà ló ru ẹrù tó wúwo jù nínú ọmọ ogun àti owó.

Ní Sàró náà, ECOMOG jagun. Ní oṣù kejì 1998 ni wọ́n lé àwọn tó gba ìjọba jáde kúrò ní Freetown, Kabbah sì padà sórí àga lẹ́yìn náà. Ní oṣù kìíní 1999, tí RUF ya wọ ìlú náà tí wọ́n sun ilé, tí wọ́n gé ọwọ́ ènìyàn, ECOMOG tún lé wọn jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì sùn síbẹ̀. Nígbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gorí àléfà lọ́dún yẹn, ìjọba tuntun kò fẹ́ máa ru ẹrù náà lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó sójà kúrò. Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò wá gbé Ìpinnu 1289 jáde ní ọjọ́ keje oṣù kejì 2000: UNAMSIL á gba iṣẹ́ tí ECOMOG ń fi sílẹ̀, iye rẹ̀ á sì gòkè sí 11,100. Àwọn bàtálíọ̀nù Nàìjíríà kan kàn bọ́ fìlà kan, wọ́n dé òmíràn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Sójà kan náà, ìbọn kan náà, ìlú kan náà. Lánàá, ó lè lépa RUF wọ inú igbó. Lónìí tó dé àṣíborí búlúù, kò gbọ́dọ̀ ṣègbè, RUF sì ti di ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn. RUF náà mọ̀ pé ohun kan ti yí padà.

Káàdì inú àpò

Àṣẹ iṣẹ́ kò dé ọwọ́ sójà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń dé ọwọ́ rẹ̀ ni òfin ìyìnbọn. Ọ́fíìsì Àjọ ní New York ló ń kọ ọ́ láti inú ìpinnu, wọ́n á fún ọ̀gágun ikọ̀, òun á sì rí i pé gbogbo bàtálíọ̀nù gbà á ní èdè tí wọ́n gbọ́. Wọ́n máa ń tẹ kókó rẹ̀ sórí káàdì kékeré tí sójà ń fi sápò àyà. Ọ̀gágun lè ní kí wọ́n túbọ̀ ṣọ́ra ju bí káàdì ṣe wí lọ, ṣùgbọ́n kò lè fi kún agbára tó wà níbẹ̀ láìbéèrè ní New York.

Ẹ jẹ́ kí a fi sójà kan sí ẹnu ibùdó àyẹ̀wò lójú ọ̀nà, kí ọkọ̀ akẹ́rù kan máa bọ̀ wá bá a, àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn sì kún inú rẹ̀. Òfin kò ní kó yìnbọn nítorí pé ó rí ìbọn. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò bóyá wọ́n fẹ́ ṣe ìkà: ṣé wọ́n ti na ìbọn sí ẹnì kan, ṣé wọ́n ń ya sọ́tùn-ún sósì láti yí ibùdó ká, ṣé wọ́n kọ̀ láti dúró? Á pariwo, ní èdè tí wọ́n gbọ́, pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni, kí wọ́n dúró. Bí wọn kò bá dúró, á jẹ́ kí wọ́n rí i pé òun ń ki ìbọn, kí wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀. Ó lè yin ọta kan síbi tí kò ti ní bá ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́ ló lè yìnbọn lu ẹni tó ń fa ewu náà, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀nba tó máa dá a dúró lọ. Tí ewu náà bá ti kọjá, ìbọn gbọ́dọ̀ dákẹ́. Kò lè lé wọn lọ láti gbẹ̀san.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń yìnbọn sí i, kò dìgbà tó bá ka àtẹ̀gùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó dá wọn lóhùn. Ẹni tó ní òfin kò gba àwọn olùṣọ́ àlàáfíà láàyè láti pa ènìyàn ti ṣe àṣìṣe tó burú. Ó gbà wọ́n láàyè, nígbà tí ẹ̀mí wọn tàbí ti aráàlú iwájú wọn bá wà nínú ewu. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbígba ìbọn ọwọ́ wọn àti dídí wọn lọ́nà wà lára ohun tí wọ́n lè fi agbára kọ̀.

Nítorí náà, káàdì àwọn tí RUF mú kò sọ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ìbọn wọn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Oṣù karùn-ún 2000

Àmì ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù kìíní 2000, àwọn ọmọ ogun Gínì ń bọ̀ lójú ọ̀nà láti dara pọ̀ mọ́ ikọ̀ náà, àwọn ọlọ́tẹ̀ dá wọn lọ́nà, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn lọ́wọ́ wọn. Kò sí ohun tó tẹ̀lé e. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa mọ̀ pé bí ikọ̀ kan bá ti jẹ́ kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ òun nígbà kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì jìyà rẹ̀, wọ́n á tún padà wá.

Wọ́n padà wá ní Makeni, láàárín àríwá ìlú náà, ibi tí RUF ti lágbára. UNAMSIL ti ṣí ibùdó kan síbẹ̀ tí jagunjagun lè wá kó ìbọn sílẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹrin, ọmọ ogun RUF mẹ́wàá wá, wọ́n kó ìbọn wọn fún wọn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù karùn-ún, àwọn ọ̀gá RUF dé pẹ̀lú ìbínú pé kí wọ́n dá ènìyàn àwọn padà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Makeni àti Magburaka, wọ́n pa nínú àwọn ọmọ ogun Kẹ́ńyà tó wà níbẹ̀, wọ́n sì mú àwọn mìíràn. Wọ́n rán bàtálíọ̀nù Sáḿbíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti lọ gbà wọ́n. Àwọn yẹn kò mọ ọ̀nà, wọn kò tíì mọ ìlú, wọ́n sì bọ́ sínú pàkúté. Àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kó lọ.

Àkókò náà kì í ṣèèṣì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyókù ECOMOG ń lọ. Iye UNAMSIL kò tíì pé 11,100 tí ìwé sọ, àwọn tó wà níbẹ̀ sì fọ́n káàkiri ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba. Ohun tó burú jù ni pé ìdá tó pọ̀ nínú wọn rò pé iṣẹ́ Orí Kẹfà ni wọ́n wá ṣe, pé àwọn tí wọ́n wá bá ti gbà kí wọ́n wá. Nígbà tí Àjọ rán Jẹ́nẹ́rà Manfred Eisele, ará Jámánì, lọ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rí i pé àwọn ikọ̀ inú UNAMSIL kò gbọ́ àṣẹ iṣẹ́ àti òfin ìyìnbọn bákan náà. Káàdì kan náà wà lápò gbogbo wọn, ìtumọ̀ tí ìlú kọ̀ọ̀kan fún un sì yàtọ̀.

Kailahun, ní ìlà-oòrùn, fi èyí hàn kedere. Àwọn ọmọ ogun Íńdíà ibẹ̀ ni RUF yí ká tí wọ́n ní kí wọ́n kó ìbọn sílẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n dúró sínú ibùdó wọn fún oṣù méjì ó lé, oúnjẹ ń tán lọ, wọn kò sì jọ̀wọ́ ìbọn kankan. Àṣẹ tí wọ́n ní kò ju ti àwọn ará Sáḿbíà lọ. Wọ́n wà ní ìdúró, wọ́n mọ ilẹ̀ ibẹ̀, ìtumọ̀ tí wọ́n fún àṣẹ náà sì yàtọ̀.

Nígbà tí àwọn tó lágbára dé

Ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún, sójà Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Freetown. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun Àjọ. Wọn kò dé àṣíborí búlúù, wọn kò sì sí lábẹ́ Adéníji tàbí Jetley. London ló ń pàṣẹ fún wọn. Pápákọ̀ òfurufú Lungi ni wọ́n kọ́kọ́ dáàbò bò, wọ́n kó àwọn ará ìlú wọn jáde, ìlú sì rí ọ̀nà mí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọwọ́ tẹ Sankoh ní Freetown. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tú àwọn tó wà nígbèkùn sílẹ̀ gba ọ̀nà Làìbéríà, níbi tí Charles Taylor ti di ààrẹ nígbà yẹn.

Àwọn ọmọ ogun tó wà ní Kailahun kò dúró de Taylor. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje, nínú òjò, àwọn ọmọ ogun Íńdíà, Gánà àti Nàìjíríà lábẹ́ UNAMSIL ya wọ agbègbè náà láti ibi púpọ̀, hẹlikọ́pítà Gẹ̀ẹ́sì sì bá wọn gbé ènìyàn. Ó dín díẹ̀ ní ọjọ́ méjì tí àwọn ọmọ ogun Íńdíà 222 àti alákìíyèsí mọ́kànlá fi jáde. Ọmọ ogun Íńdíà kan ló kú níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wáyé lábẹ́ àṣẹ tó ti wà láti oṣù kẹwàá 1999. Ìfẹ́ àti èlò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìgbìmọ̀ náà kò jókòó lásán. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, Ìpinnu 1299 gbé iye wọn dé 13,000. Ní oṣù kẹjọ, Ìpinnu 1313 sọ ọ̀rọ̀ tí ìwé àkọ́kọ́ kò sọ: bí RUF bá fẹ́ kọlu ikọ̀ náà, kí wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú agbára, kí ó sì mọ̀ pé òun ti pàdé ohun tó ju òun lọ. Ní oṣù kẹta 2001, Ìpinnu 1346 mú un dé 17,500, kò sì sí ikọ̀ Àjọ kankan lágbàáyé tó pọ̀ tó o nígbà yẹn.

Ìjà tún wáyé nínú ikọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìwé kan tí Jetley kọ jáde síta ní oṣù kẹsàn-án 2000. Ó fẹ̀sùn kan àwọn ọ̀gá ọmọ Nàìjíríà, Adéníji pẹ̀lú, pé ohun tó jẹ wọ́n lógún ní Sàró yàtọ̀ sí ti ikọ̀ náà. Nàìjíríà sọ pé irọ́ ni. Kò pẹ́ tí Íńdíà fi kó gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ kúrò, Jọ́dánì tẹ̀lé e, Pakísítáànì ló wá dí àlàfo náà nígbà tó yá. Kò sí òfin kankan tó lè dá wọn dúró. Bàbá ọmọ ló ń wá mú ọmọ rẹ̀ lọ. Daniel Opande ará Kẹ́ńyà gba ipò ọ̀gágun, Adéníji sì dúró.

Láti 2001 ni wọ́n ti ń tan ikọ̀ náà ká agbègbè kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú bàtálíọ̀nù tó pé, ọkọ̀ tó ń rìn àti hẹlikọ́pítà. Jagunjagun tó ju ọ̀kẹ́ mẹ́ta àbọ̀ lọ, ìyẹn 70,000, ló kó ìbọn sílẹ̀. Wọ́n kéde ní oṣù kìíní 2002 pé ogun ti parí, wọ́n sì dìbò ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń dín iye wọn kù díẹ̀díẹ̀, bí ọlọ́pàá àti ọmọ ogun Sàró ṣe ń gba àwọn agbègbè padà lọ́wọ́ wọn. Adéníji kúrò níbẹ̀ ní 2003 láti wá di mínísítà ní Àbújá, UNAMSIL sì ti ìlẹ̀kùn ní ìparí oṣù kejìlá 2005.